Eyín Tó Mú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wú: Láti Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì di Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin ọlọ́jà kan ṣe àpẹẹrẹ. Eyín ìsàlẹ̀ kan, ní ẹ̀yìn lápá òsì, ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Bó bá mu omi tútù, á ta á. Bó bá fi nǹkan dídùn kan ẹnu, á ta á. Ihò dúdú kan wà lórí eyín náà tí ẹran máa ń há sí. Ọjà ò jẹ́ kó ráyè, ó ń fi omi iyọ̀ tù ú lójú. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì débi pé kò lè pa ẹnu dé, torí bí eyín òkè bá ti kàn án, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú, awọ ibẹ̀ sì ń dán. Ilé ìwòsàn eyín tó sún mọ́ ọn jù kò ní ṣí títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Báwo ni yóò ṣe lo ọjọ́ méjì yìí? Kí ni yóò sì fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tó lè dúró di ọjọ́ Ajé mọ́? Ìbéèrè kejì yìí ló gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò ṣeé dáhùn bí a kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

Èèpo eyín le gan-an, ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n ní àárín eyín lọ́hùn-ún, ẹran rírọ̀ kan wà níbẹ̀ tí òpójẹ̀ àti iṣan tó ń mọ ìrora gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ihò bá jìn dé ibẹ̀, kòkòrò àrùn á wọlé, ẹran náà á sì fẹ́ wú. Kò sí àyè tó lè wú sí, torí eyín líle ló yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ìrora eyín fi máa ń mú àgbàlagbà sunkún, tó sì máa ń le sí i lóru nígbà téèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ń rọ́ lọ sórí. Bó bá ṣe díẹ̀, ẹran yẹn á kú. Omi tútù kò ní ta á mọ́, ẹni tó ni eyín á sì máa dúpẹ́ pé ó ti lọ. Kò tíì lọ o. Àrùn náà ti gba ojú gbòǹgbò eyín sọ̀kalẹ̀ sínú egungun àgbọ̀n, ọyún sì ti ń gbárajọ síbẹ̀.

Ọyún náà yóò máa wá ọ̀nà àtijáde. Yóò máa jẹ egungun díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lù ú. Bó bá ti lù ú tó jáde sínú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohun tó ń fún inú egungun pọ̀ á tú, ìrora á rọlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní oògùn tí àwọn lò ti ń ṣiṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ìrora ti dínkù, bẹ́ẹ̀ àsìkò yẹn gan-an ni àrùn náà ń kúrò nínú eyín bọ́ sí ojú. Ìrora tó ń dínkù nígbà tí wíwú ń pọ̀ sí i yẹ kó mú èèyàn gbéra ni, kò yẹ kó mú un jókòó.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè la ẹnu, ó ń gbé itọ́ mì, ó ń mí geere, ara rẹ̀ ò gbóná, wíwú náà kò sì tíì kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ́ sábẹ́ àgbọ̀n. Bó bá rí báyìí, ó lè fara dà á nílé títí di ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kó máa ṣọ́ ara rẹ̀.

Oògùn ìrora méjì tí kẹ́mísì èyíkéyìí ń tà, parasitamọ́ọ̀lù àti ibuprofẹ́ẹ̀nì, ló bá irú ìrora yìí mu jù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra, nítorí náà àgbàlagbà tí ara rẹ̀ gba méjèèjì lè lò wọ́n pọ̀, wọn á sì pa ìrora ju bí yóò ṣe rí bó bá lo ọ̀kan ṣoṣo. Ètò tó rọrùn fún un ni kó lo parasitamọ́ọ̀lù kóró méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500, pẹ̀lú ibuprofẹ́ẹ̀nì mílígíráàmù 400, lẹ́yìn oúnjẹ, ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́wàá alẹ́. Kó wo ara páálí kó tó gbé e mì, torí ibuprofẹ́ẹ̀nì kan jẹ́ 200, òmíràn jẹ́ 400. Bí ìrora bá jí i lóru, ó lè tún lo parasitamọ́ọ̀lù méjì, bó bá ti tó wákàtí mẹ́rin ó kéré tán tó lo ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n gbogbo parasitamọ́ọ̀lù tó bá lò láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún kò gbọ́dọ̀ ju kóró mẹ́jọ lọ. Ibuprofẹ́ẹ̀nì ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 1,200 lọ lóòjọ́ bí kò bá ṣe dókítà ló ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ iye yìí nítorí pé parasitamọ́ọ̀lù tó bá pọ̀ jù máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹni náà sì lè má mọ nǹkan kan lára fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti oògùn orí fífọ́ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú orúkọ mìíràn, nítorí náà ẹni tó bá lo irú wọn gbọ́dọ̀ kà á mọ́ mẹ́jọ yẹn. Ibuprofẹ́ẹ̀nì kì í sì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti dá ikọ́ fée sí lára rí, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n lo parasitamọ́ọ̀lù nìkan. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi apòògùn léèrè kó tó fi kún un.

Ohun tó kù láti ṣe kò wọ́nwó. Ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó fi yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, kó tu ú dànù. Èyí á fọ èérí oúnjẹ kúrò nínú ihò eyín, á sì mára tu erìgì. Yìnyín tí a fi aṣọ wé, kó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó gbé e kúrò, kó tún ṣe é nígbà tó bá yá. Kó fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè bó bá fẹ́ sùn. Ẹ̀kọ, ọbẹ̀ tó ti tutù díẹ̀, oúnjẹ rírọ̀ tó lè fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ, kó sì máa mu omi dáadáa. Òróró kànáfùrù lè pa ìrora fúngbà díẹ̀ bó bá fi òwú kékeré tọ́ ọ sínú ihò eyín, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan péré ni, torí bó bá pọ̀ ó máa ń jó erìgì.

Àwọn ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe. Ẹ má fi ásípírìnì lé ìdí eyín. Ásíìdì ni, ó máa ń bó ẹran ẹnu di funfun. Ẹ má da omi bátìrì, ẹtù ìbọn tàbí ògógóró sínú ihò. Ẹ má fi omi gbígbóná tàbí rọ́bù gbígbóná jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta. Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ tàbí bíléèdì tú u nílé, torí òpójẹ̀ ńlá gba ojú kọjá, kòkòrò àrùn tuntun sì lè ti orí irin wọlé. Àdàlù oògùn tí wọ́n máa ń dì sínú ọ̀rá láìsí orúkọ lára rẹ̀ léwu púpọ̀. Ó lè ní oògùn méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ ẹbí ibuprofẹ́ẹ̀nì nínú, kí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Ó sì lè ní èyí tó ń mú wíwú wálẹ̀ nípa dídi ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara, kí ojú fò fún ọjọ́ kan nígbà tí àrùn ń ráyè sí i lábẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á béèrè pé oògùn apakòkòrò wá ńkọ́, amọksisílìnì, àmpíkúlọ́ọ̀sì, fílájììlì? Ohun tó fà á tí wọn kì í fi í wo eyín yìí sàn kò ṣòro. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri ara. Ẹran inú eyín yìí ti kú, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, nítorí náà oògùn kò lè dé ibi tí kòkòrò sá pamọ́ sí. Ó lè dá wọn dúró nínú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, wíwú á fò lọ, ẹni náà á gbàgbé dókítà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á tún padà, ó sì lè jẹ́ pé oògùn tàná kò ní ràn án mọ́. Dókítà máa ń fi í kún ìtọ́jú nígbà tí ara bá ń gbóná tàbí tí wíwú bá ń tàn. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ sọ bó bá jẹ́ pé pẹnisílìnì máa ń ta yín lára, ẹ má sì mu ọtí pẹ̀lú fílájììlì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra. Kí obìnrin wa mú bíró, kó dúró níwájú dígí, kó fa ìlà sí etí ibi tí wíwú náà parí sí, kó sì kọ aago tó fa á sórí bébà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, kó tún wò ó. Bí wíwú bá ti kọjá ìlà, pàápàá sí ìsàlẹ̀, ó ti rí ìdáhùn rẹ̀. Awọ tiwa dúdú, nítorí náà kó má dúró de kí ibẹ̀ pupa. Ọwọ́ ni kó fi wò ó: ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ṣé ó ti le bí pátákó dípò kó rọ̀?

Ibi tí wíwú ń lọ ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú gbọ̀ngbọ̀n kí ẹ̀mí má wà nínú ewu, nígbà tí wíwú kékeré lábẹ́ ahọ́n lè dí ọ̀nà èémí. Eyín ìsàlẹ̀ tó wà ní ẹ̀yìn pátápátá ló sábà máa ń fa èyí. Gbòǹgbò wọn gùn kọjá ibi tí ẹran tó gbé abẹ́ ahọ́n dúró ti so mọ́ egungun àgbọ̀n, nítorí náà bí ọyún bá lu egungun ní ẹ̀gbẹ́ inú, abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn ló ń bọ́ sí tààrà. Láti ibẹ̀ ó lè tàn dé ẹ̀gbẹ́ kejì, kó ti ahọ́n sókè àti sẹ́yìn. Dókítà ará Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ló ṣàpèjúwe àrùn yìí ní 1836, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì fi ń pè é. Kí oògùn apakòkòrò tó dé, ó ju ìdajì àwọn tó bá mú tó ń kú.

Bí ó ṣe máa ń hàn nìyí. Ẹnu kò ní là dáadáa mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le sábà máa ń lè to ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta lórí ara wọn sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí ìka méjì kò bá wọlé mọ́, àrùn ti dé ibi iṣan tó ń pa àgbọ̀n dé. Gbígbé itọ́ mì á di ìṣòro, itọ́ á máa dà létí ẹnu. Ohùn á yí padà, bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́ ahọ́n á le, á sì ga sókè. Kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, á fẹ́ jókòó kó nà ọrùn síwájú kó tó lè mí. Ẹni tó bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ retí èkejì. Bó bá jẹ́ aago méjì òru, aago méjì òru náà ni kó gbéra.

Eyín òkè ní ọ̀nà tirẹ̀. Ti eyín tó ṣẹ́ṣóńṣó lápá iwájú lókè máa ń wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, á sì gòkè lọ sí ìpéǹpéjú. Òpójẹ̀ ojú ní ọ̀nà kan tó gba ẹ̀yìn ẹyinjú wọ ìdí ọpọlọ, àrùn sì lè gba ibẹ̀. Bí ojú bá ń pa dé, bí ẹyinjú bá yọ síta tàbí ó ń dunni láti yí i, bí ẹni náà bá ń rí nǹkan ní méjìméjì, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ọrùn sì gan, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ńlá ni.

Ara gbígbóná ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló máa ń tàn wá jẹ jù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná tó sì ń gbọ̀n, ibà ẹ̀fọn la kọ́kọ́ máa ń rò. A ó ra oògùn ibà, a ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta yẹn sì ni àrùn eyín fi ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú tí ara rẹ̀ sì gbóná ju ìwọ̀n 38 lọ, tí òtútù ń mú un, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dìde, eyín ni kó kọ́kọ́ fura sí. Ẹ sì rántí pé parasitamọ́ọ̀lù àti ibuprofẹ́ẹ̀nì máa ń mú ara gbígbóná rọlẹ̀. Nítorí náà kí ó tó gbé èyí tó kàn mì ni kó wọn ara rẹ̀, nígbà tí agbára ti ìṣáájú ti ń tán lọ.

Àwọn kan wà tí ètò ọjọ́ méjì tí mo tò sókè yìí kò kàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, pàápàá tí ṣúgà rẹ̀ kò sí níwọ̀n, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹni tí àrùn kògbóògùn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, aláboyún, àti ọmọdé: ọjọ́ tí ojú wọn bá wú náà ni kí dókítà rí wọn. Nínú ara alátọ̀gbẹ, àrùn máa ń yára tàn, àrùn náà sì máa ń gbé ṣúgà sókè sí i. Ọmọdé kì í lo ásípírìnì rárá, ìwọ̀n oògùn ìrora rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá bó ṣe wúwo mu.

Ká ní lálẹ́ ọjọ́ Àìkú wíwú náà ti kọjá ìlà bíró bọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, tí ìka méjì kò sì wọ ẹnu obìnrin yìí mọ́. Kò ní lọ sí ilé ìwòsàn eyín tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá tí dókítà abẹ ẹnu àti àgbọ̀n wà ni kó lọ, irú èyí tó wà ní UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAU ní Ilé-Ifẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì jẹ́ 112 ní Nàìjíríà. Ní Èkó, 767 náà wà. Kí wọ́n gbé e ní ìjókòó, kí wọ́n má tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kó má jẹun lọ́nà, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n máa kùn ún lóorun láti ṣiṣẹ́ abẹ. Kó mú páálí gbogbo oògùn tó ti lò dání. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, gbólóhùn tó yẹ kí ẹni tó tẹ̀ lé e kọ́kọ́ sọ ni pé, "Eyín ló mú ojú rẹ̀ wú, kò lè la ẹnu, ó sì ti ń wọ ọrùn." Bó bá jẹ́ "eyín ń dùn ún" nìkan ni wọ́n sọ, wọ́n lè ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dúró de àwọn tó kù.

Bí kò bá sí èyí nínú gbogbo rẹ̀, ọjọ́ Ajé á dé, á sì débi dókítà eyín. Ọ̀pọ̀ á ní kò ṣeé fọwọ́ kàn nígbà tó bá wú, kó kọ́kọ́ lo oògùn kí ojú ó fò. Ìgbàgbọ́ yìí ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé. Ọyún níláti jáde, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nínú ẹran tó ti wú, ṣùgbọ́n dókítà lè gún un síbi tó jìnnà díẹ̀, níbi tí iṣan tó wá sí eyín náà ti gbéra. Yóò ya àwòrán egungun, yóò ṣí ọ̀nà fún ọyún, yóò sì sọ bóyá eyín náà ṣì ṣeé gbà là. Bó bá ṣeé gbà là, yóò gba orí eyín wọ inú gbòǹgbò, yóò kó ẹran tó ti kú jáde, yóò fọ ibẹ̀, yóò sì dí i pa. Èyí lè gbà ju ìjókòó kan lọ, owó rẹ̀ sì ju ti yíyọ lọ. Bí kò bá ṣeé gbà là, yóò yọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí wíwú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bó bá tún ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ọyún ti jáde, tàbí tí ara tún gbóná, ọjọ́ yẹn náà ni kó padà síbẹ̀.